Alẹ́ Mẹ́rin Tí Bàbá Ìbejì Kò Wá: Àkọsílẹ̀ Kúérì Kan ní Abẹ́òkúta

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan kò tíì lù dáadáa tí Alhaja fi pè mí. Alhaja ló ni bekírì kan ní Ọbàntokò, òṣìṣẹ́ mọ́kàndínlógún ló wà lábẹ́ rẹ̀, èmi sì ni mo máa ń bá a tọ́jú ìwé wọn. Ó ní, "Bá mi kọ ìwé gbélé-ẹ fún Bàbá Ìbejì, kíákíá. Alẹ́ mẹ́rin gbáko ni kò fi yọjú síṣẹ́. Kò tọrọ àyè, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àná ló wá ń rìn bọ̀ bí ẹni tó lọ síbi ìnáwó, mo sì ní kí wọ́n dá a padà lẹ́nu géètì."

Bàbá Ìbejì kì í ṣe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ara jọ bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀. Òun ló ń po fúláwà. Ọdún kẹfà rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹni tó bá mọ bekírì mọ̀ pé àpò owó ilé iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń po fúláwà. Tí yíìsì bá pọ̀ jù tàbí tí omi bá gbóná jù, búrẹ́dì tó yẹ kó wà ní Kútọ̀ àti Láfẹ́nwá kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò di oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn ní alẹ́ kẹta tí kò wá. Ọmọkùnrin tí wọ́n fi dípò rẹ̀ da yíìsì lé yíìsì, àpò fúláwà méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àádọ́ta kílò, sì bàjẹ́. Ìbínú Alhaja kò ṣẹ̀yìn àpò méjì yẹn, ó sì yé mi.

Mo bi í pé, "Alhaja, kí ló dé tí kò wá?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé mo mọ̀ ni?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ríjísítà lè sọ fún wa pé ẹnì kan kò wá, kò lè sọ ìdí tí kò fi wá. Ẹni tó wà nílé ìwòsàn, ẹni tí ọlọ́pàá tì mọ́lé, ẹni tó lọ bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ àti ẹni tó kàn sùn sílé, ààmì kan náà ni gbogbo wọn máa ń gbà nínú ríjísítà. Tí a bá ti ibi ààmì yẹn bọ́ sórí ìjìyà lẹ́ẹ̀kan náà, a ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá nìyẹn.

Mo tún ṣàlàyé ọ̀nà òfin fún un. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala kọkànlá, fi àyè gba agbanisíṣẹ́ láti fòpin sí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ìfitónilétí. Fún ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan ni, tàbí kí ó gba owó oṣù kan dípò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lé òṣìṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ láìsan ohunkóhun, nítorí ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀nà mìíràn ló gbà yẹn: òun ni yóò fi ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ náà hàn bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, òun ni yóò sì fi hàn pé òun jẹ́ kí òṣìṣẹ́ náà sọ tẹnu rẹ̀. Ó dára pé ohun tí kóòtù ń bèèrè níbẹ̀ kò le. Nínú ẹjọ́ Imonikhe, tí òṣìṣẹ́ báńkì kan pe báńkì rẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ọ́ lọ́dún 2011 pé bí agbanisíṣẹ́ bá fi kúérì sọ ẹ̀sùn fún òṣìṣẹ́, tí òṣìṣẹ́ sì dáhùn kí wọ́n tó ṣe ìpinnu, ó ti tó láti fi hàn pé wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìwé kan àti ọjọ́ bíi méjì ni Alhaja ń sáré fò kọjá.

Ó gbà. Ó ní kí máníjà kọ ọ́, kí n bá a wò ó. Kò pé wákàtí kan tí èyí fi dé orí Wáàsáàpù mi:

"Nítorí ìwà àìbìkítà rẹ, o sá lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di ọjọ́ Ẹtì, o sì mú kí ilé iṣẹ́ pàdánù àpò fúláwà méjì. Sọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ lé ọ. Dáhùn lónìí."

Èmi gbà pé orí ìwé kúkúrú yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti yí padà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fi yíńkì pupa yí ká ni "sá". Ẹni tó bá kọ "o sá" ti dájọ́. "O kò wá" ni ohun tí ojú rí. "O sá" ni ohun tí ọkàn rò. Bákan náà ni "ìwà àìbìkítà". Tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé iwájú adájọ́ lọ́jọ́ kan, kúérì náà gan-an ni agbẹjọ́rò òṣìṣẹ́ yóò gbé sókè láti fi hàn pé wọ́n ti dá ọ̀ràn náà tán kí wọ́n tó béèrè.

Èkejì ni àpò fúláwà méjì. Bàbá Ìbejì kò sí níbẹ̀ lálẹ́ yẹn. Kò fọwọ́ kan yíìsì. Ẹni tó po ó wà, ẹni tó yan ẹni tí yóò po ó náà wà. Tí a bá da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ sínú kúérì kan, èyí tó dùn ún jù ni yóò fi gbogbo ojú ìwé jà, èyí tí a fẹ́ mọ̀ gan-an yóò sì bọ́ sọnù.

Ẹ̀kẹta ló kọ́ èmi fúnra mi lọ́gbọ́n. Mo bi máníjà pé ibo ló ti rí "Ìṣẹ́gun títí di Ẹtì", nígbà tí Alhaja sọ fún mi pé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá a padà lẹ́nu géètì. Ó ní inú ríjísítà ni. Mo ní kó ya ríjísítà àti ìwé mẹ́gáàdì ránṣẹ́ sí mi. Ìgbà tí mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni mo rí i. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, aago márùn-ún ìdájí ló ń parí. Àárọ̀, nígbà tí ọkọ̀ búrẹ́dì bá ti jáde, ni máníjà ń kọ ríjísítà, déètì àárọ̀ yẹn ló sì ń lò. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń wọlé, ni mẹ́gáàdì ń kọ tirẹ̀. Alẹ́ kan náà ń jẹ́ Ajé lọ́dọ̀ mẹ́gáàdì, ó ń jẹ́ Ìṣẹ́gun lọ́dọ̀ máníjà. Ká ní a fi ìwé yẹn ránṣẹ́ bó ṣe wà, Bàbá Ìbejì ì bá dáhùn pé, "Mo wá lọ́jọ́ Ẹtì, mẹ́gáàdì yín ló dá mi padà," òótọ́ pọ́ńbélé ni ì bá sì sọ. Ẹ̀sùn tí déètì kan ṣoṣo bá ti yẹ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣòro láti tú ká.

Ẹ̀kẹrin ni ìbéèrè náà fúnra rẹ̀: "Sọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ lé ọ." Mo rántí pé irú ìbéèrè yẹn wà nínú fáìlì òṣìṣẹ́ kan tó ti lọ. Mo wá ìdáhùn rẹ̀ jáde. Ìlà méjì péré ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú àánú wò mí. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Títí dòní, kò sí ẹni tó mọ ibi tí ọmọ yẹn wà lọ́jọ́ tí kò wá. Ẹ̀bẹ̀ ni a béèrè, ẹ̀bẹ̀ ni a rí gbà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kó béèrè.

"Dáhùn lónìí" náà kò dára. Ẹni tí yóò wá káàdì ilé ìwòsàn tàbí ẹlẹ́rìí nílò ọjọ́ méjì, ó kéré tán.

A tún un kọ. Èdè Yorùbá la fi kọ ọ́, nítorí pé òun ni ọkùnrin náà ń kà tó sì ń kọ geere. Bó ṣe lọ nìyí, yàtọ̀ sí orúkọ àti déètì tí mo yọ kúrò:

"Ìwé mẹ́gáàdì àti ríjísítà fi hàn pé ẹ kò wá síbi iṣẹ́, láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí, ní alẹ́ mẹ́rin wọ̀nyí: alẹ́ Ajé mọ́jú Ìṣẹ́gun, alẹ́ Ìṣẹ́gun mọ́jú Ọjọ́rú, alẹ́ Ọjọ́rú mọ́jú Ọjọ́bọ̀, àti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Ẹtì. A kò rí ìwé àyè kankan nínú fáìlì yín fún àwọn alẹ́ náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ àlàyé yín. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ kò wá? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló fà á ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan? Ǹjẹ́ ẹ fi tó ẹnikẹ́ni létí? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ni, nígbà wo, báwo sì ni? Bí ìwé tàbí ẹlẹ́rìí bá wà, ẹ fi mọ́ ọn.

Òfin ilé iṣẹ́ tó wà lára ògiri ní kí ẹni tí kò bá ní lè wá sọ fún ọ̀gá iṣẹ́ alẹ́ kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Àìwá láìgbàyè lè fa ìbáwí. A kò tíì pinnu ohunkóhun. A fẹ́ ka àlàyé yín ná.

Kí ìdáhùn yín dé ọwọ́ máníjà kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó lù. Bí ẹ bá nílò àkókò sí i, ẹ jẹ́ ká mọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn."

Gbólóhùn méjì ló yẹ kí n sọ̀rọ̀ lé. "Ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan" ni mo fi síbẹ̀ kí ìdí kan má baà di aṣọ tí wọ́n fi bo alẹ́ mẹ́rin. Ìkejì ni "àìwá láìgbàyè lè fa ìbáwí". Alhaja fẹ́ kí n yọ ọ́ kí ọkàn ọkùnrin náà má baà dàrú, nítorí pé inú òun ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo kọ̀. Ẹni tí à ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Máníjà gbé ẹ̀dà méjì lọ sílé rẹ̀ ní Adátán ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn. Mo ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ, torí pé láàárín wa níbí, ẹni tó bá gbọ́ "kúérì" ti gbà pé iṣẹ́ ti bọ́. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ìbéèrè ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ kàn kọ bó ṣe rí." Ọkùnrin náà fọwọ́ sí ẹ̀dà kan, ó kọ aago sí i. Ká ní ó kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹni tó tẹ̀ lé máníjà lọ ni ì bá kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé pé wọ́n fi lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú déètì àti aago. Ká ní wọn kò bá a nílé, a ó fi sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá, a ó fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, a ó sì pe ìbátan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fáìlì. Ẹni tó bá gba ìwé tí kò dáhùn kò tíì jẹ́bi nítorí pé ó dákẹ́. Ohun tí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ fún wa ni àyè láti fi ohun tó wà lọ́wọ́ wa pinnu.

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni ìdáhùn dé, ojú ewé kan àti ààbọ̀ nínú ìwé ọmọ iléèwé. Ó ní òótọ́ ni, òun kò wá. Alẹ́ Ajé, bí aago méje ṣe ń lọ, gìrì mú Kẹ́hìndé. Òun àti ìyàwó òun gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ìdí-Àbà, wọ́n dá wọn dúró. Òun pe ọ̀gá iṣẹ́ alẹ́ láti ibẹ̀. Alẹ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ṣì wà nílé ìwòsàn. Àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Òun wá gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Ọ̀dẹ̀dá, òun sì sùn síbẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. "Mi ò pe ẹnikẹ́ni lálẹ́ méjì yẹn. Mo rò pé ìpè àkọ́kọ́ ti tó." Ó fi fọ́tókọ́pì káàdì ilé ìwòsàn mọ́ ọn, déètì tí wọ́n wọlé àti èyí tí wọ́n jáde sì wà lára rẹ̀.

Ẹ wo bí ìbéèrè alẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ṣiṣẹ́. Alẹ́ mẹ́rin ti di méjì méjì. Méjì àkọ́kọ́ ní ìdí àti ìwé. Méjì ìkẹyìn ní ìdí tó ṣeé gbọ́ sétí, ṣùgbọ́n kò sí ìpè, kò sí àyè tí ó gbà, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò tún sí ẹni tí yóò sọ lọ́la pé òun pè.

Ó ku ìpè ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá iṣẹ́ alẹ́ ti sọ fún Alhaja láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kò gbọ́ nǹkan kan. Máníjà ní kí Bàbá Ìbejì mú fóònù rẹ̀ wá. Ìpè náà wà níbẹ̀: aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì, ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Alhaja tún gbaná jẹ, ó fẹ́ lé ọ̀gá iṣẹ́ alẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Alhaja, ohun tí a ṣe fún ẹni àkọ́kọ́ náà la ó ṣe fún èyí." A bi òun náà ní ìwé: ǹjẹ́ ó gba ìpè ní aago yẹn, kí ni wọ́n sọ, ta ni ó sọ fún? Ó dáhùn pé òun gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń po fúláwà ń pariwo, "ọmọ" àti "mo ń bọ̀" nìkan ni òun gbọ́. Òun rò pé yóò pẹ́ dé ni, nígbà tí kò sì dé, òun gbàgbé pé ó pè. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Mo ti dúró níbi ẹ̀rọ yẹn rí, mi ò gbọ́ ohùn ara mi.

A jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Alhaja, máníjà, èmi àti Bàbá Ìbejì. Kò pẹ́ rárá, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti wà nínú ìwé. Wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀ fún alẹ́ Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ nìkan. Ìwé náà kò dárúkọ alẹ́ méjì àkọ́kọ́, kò sì dárúkọ fúláwà. Máníjà ti fẹ́ kí wọ́n yọ owó fúláwà nínú owó rẹ̀, ṣùgbọ́n abala karùn-ún Òfin Iṣẹ́ kò gba kí agbanisíṣẹ́ fi owó oṣù gba ìtanràn. Kódà, bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ tàbí fi àìkíyèsára ba nǹkan jẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé kí wọ́n tó yọ owó. Ti owó alẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ìtanràn. Abala kẹrìndínlógún fún òṣìṣẹ́ ní owó ọjọ́ méjìlá lọ́dún bí dókítà bá jẹ́rìí sí àìsàn rẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni òfin náà ń sọ, kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀. Òfin ilé iṣẹ́ kò sì sọ nǹkan kan nípa ọmọ. Alhaja fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n san ti alẹ́ ilé ìwòsàn méjèèjì, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé ojúrere ni, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ láìjẹ́ pé wọ́n fi sínú òfin.

Ohun kan wà tí kò sí ẹni tó rántí àfi èmi: alẹ́ Ẹtì àti àwọn alẹ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e kí a tó jókòó. Ọkùnrin yìí dé lọ́jọ́ Ẹtì láti ṣiṣẹ́, àwa la dá a padà. A kò sì pè é padà kí a tó jókòó. Àwọn alẹ́ yẹn kì í ṣe àìwá rẹ̀, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan lọ rọ́ọ́kún nílé nígbà tí ẹ ń wádìí ọ̀rọ̀, ẹ fi ìwé sọ fún un, kí ẹ sì sọ bí owó rẹ̀ yóò ṣe rí. Kí ẹ dúró lẹ́nu géètì kí ẹ dá a padà kì í ṣe ìwádìí.

Láti ìgbà náà ni mo ti yí bí mo ṣe ń ṣe é padà ní gbogbo ibi tí mo ti ń bá wọn tọ́jú ìwé. Mi ò kọ kúérì fún ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ́ láìkọ́kọ́ gbé ìwé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì máa ń kọ "mọ́jú" sí gbogbo alẹ́. Mo máa ń bi ẹni tó yẹ kó gba ìpè léèrè kí n tó kọ ọ́ sínú kúérì pé òṣìṣẹ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá sì dá mi lójú tán, mo ṣì máa ń bi òṣìṣẹ́ náà. Ní bekírì ọ̀hún, ìwé kékeré kan wà lára ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn báyìí, tí ẹnikẹ́ni tó bá gba ìpè ń kọ orúkọ, aago àti ọ̀rọ̀ sí.

Lásìkò òjò tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó búrẹ́dì sínú ọkọ̀ kò wá ní alẹ́ méjì. Máníjà fúnra rẹ̀ kọ kúérì, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Déètì pé, "mọ́jú" wà níbẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ mọ́ kedere. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi yíńkì pupa yí ká. Ó kọ ọ́ pé, "ẹ tún kò wá." Mo ní kó yọ "tún".